Bí Owó Olùdókòwò Yóò Ṣe Padà Sọ́wọ́ Rẹ̀

Mílíọ̀nù 20 náírà la ń wá, fún ìpín 25 nínú ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́ ẹja yíyan wa l'Ẹ́pẹ́. Ẹ má retí èrè kankan ní ọdún méjì àkọ́kọ́. Ààrò mẹ́rin tí à ń lò ń jẹ igi bí iná ọyẹ́, orí ààrò tuntun àti fíríjì ńlá ni gbogbo èrè máa lọ.

Láti ọdún kẹta, a ó máa pín ìdá kan nínú mẹ́ta èrè tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn owó orí. Ìjọba á yọ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lórí tiyín kó tó dé ọwọ́ yín.

Èyí tó wù wá jù ni pé kí àwa fúnra wa ra ìpín yín padà láàárín ọdún karùn-ún sí ìkeje. Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 fàyè gbà á, ṣùgbọ́n inú èrè tó ṣeé pín ni owó náà ti gbọ́dọ̀ wá. Bí ọdún bá burú, ẹ ó ní sùúrù. Ìlọ́po mẹ́rin èrè ọdún tó kẹ́yìn la ó fi ṣírò iye gbogbo ilé-iṣẹ́. Bí èrè bá jẹ́ mílíọ̀nù 30, ilé-iṣẹ́ jẹ́ mílíọ̀nù 120, ìpín 25 tiyín sì jẹ́ mílíọ̀nù 30. Lọ́jà Olúwo, iye ẹja Mọ́ńdè kì í ṣe ti Fúráìdè, nítorí náà a ò búra.

Ilé-iṣẹ́ oúnjẹ ńlá lè fẹ́ rà wá. Kò tíì sẹ́ni tó bá wa sọ ọ́. Bó bá wáyé, iye owó kan náà lórí ìpín kọ̀ọ̀kan la jọ máa tà á.