Àbá àdéhùn ọdún kan lórí ẹ̀gẹ́: iye tí kò ní yí láti Oṣù Kẹta 2026

Ilé-iṣẹ́ Gàrí,
Òpópónà Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn,
Ọ̀dẹ̀dá, Ìpínlẹ̀ Ògùn.
12 Oṣù Kìíní, 2026.

Sí Alága àti ìgbìmọ̀,
Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Àwọn Àgbẹ̀ Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́,
Ìlúgùn.

Baba Alága àti ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ náà. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ ti le gbagidi báyìí, àti pé owó alágbàṣe tó ń wú ẹ̀gẹ́ lásìkò yìí kì í ṣe kékeré.

Àbá tí mo mú wá ni pé kí ilé-iṣẹ́ wa àti ẹgbẹ́ yín ṣe àdéhùn ọdún kan. Ẹ ó máa kó 10 tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ fún wa lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 48, ní ₦85,000 tọ́ọ̀nù kan. Iye yẹn kò ní gòkè, kò sì ní wálẹ̀, láti 2 Oṣù Kẹta 2026 títí di ìparí Oṣù Kejì 2027, àfi bí ọjà bá yí kọjá ààlà tí mo kọ sí ìsàlẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 480 tọ́ọ̀nù, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦40,800,000.

Ojú gbogbo wa ló rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní Oṣù Karùn-ún 2023 ni owó ọkọ̀ ti gbéra, tí ohun gbogbo sì tẹ̀ lé e. Nínú ìwé ìṣirò wa, ẹ̀gẹ́ tí a ra ní ₦140,000 tọ́ọ̀nù kan láàárín ọdún 2024 ti di ₦60,000 kí ọdún 2025 tó parí. Lọ́dún 2024, àwa tí à ń dín gàrí la fara gbá a. Lọ́dún 2025, ẹ̀yin ni. Mo dé oko àwọn kan nínú yín, mo bá ẹ̀gẹ́ tó ti lo oṣù 18 nílẹ̀ tí wọn kò wú, nítorí owó tí wọn yóò san fún alágbàṣe àti ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí wọn yóò rí gbà. Ó dùn mí gan-an, torí mo mọ iye tí wọ́n fi ro oko náà.

Bẹ́ẹ̀ ni yóò sì tún máa rí bí a kò bá wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ẹ̀fọ́ tí a gbìn lónìí tí a já lóṣù tó ń bọ̀. Bí ọdún kan ló ń lò nílẹ̀. Nígbà tó bá wọ́n, gbogbo ènìyàn á sáré wá igi ẹ̀gẹ́ gbìn. Lọ́dún kejì, gbogbo rẹ̀ á gbó lẹ́ẹ̀kan náà, ọjà á kún, owó á já. Inú á bí àgbẹ̀, á fi oko sílẹ̀ tàbí kó gbin nǹkan mìíràn, ọ̀wọ́n á sì tún dé.

Ní tiwa, bíi tọ́ọ̀nù 5 ẹ̀gẹ́ tútù ló ń di tọ́ọ̀nù 1 gàrí. Bí ₦10,000 bá gun orí tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ kan, ₦50,000 ti gun orí tọ́ọ̀nù gàrí kan nìyẹn, a kò tíì ka igi ìdáná, a kò tíì ka epo tí ẹ̀rọ ń mu. Àwọn ilé-ìwé tí ọmọ ń gbé inú wọn tí à ń tà fún, ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni wọ́n ń bá wa dá iye sí. A kò lè padà lọ bá wọn láàárín sáà pé ẹ̀gẹ́ ti wọ́n.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mo fẹ́ san ₦85,000 nígbà tí ọjà wà ní ₦60,000. Ẹ̀gẹ́ tí mo mọ̀ dájú pé yóò dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun níye lórí lọ́dọ̀ mi ju ẹ̀gẹ́ pọ́ọ́kú tí n kò mọ ọjọ́ tí yóò wọ́n mi lọ. Mo sì mọ̀ pé ní ₦60,000, púpọ̀ nínú yín kò ní gbìn lọ́dún yìí.

N kò fẹ́ kí ẹ fi gbogbo oko yín so mọ́ mi. Akọ̀wé yín sọ fún mi pé ẹgbẹ́ lè wú tó 800 tọ́ọ̀nù lọ́dún. 480 péré ni mo ń béèrè. 320 tó kù, ibi tó bá wù yín ni kí ẹ tà á sí. Ẹ̀rí ọkàn mi sọ fún mi pé àdéhùn tó bá gba gbogbo irè oko ẹni kì í tọ́jọ́: lọ́jọ́ tí owó bá gòkè, òru ni wọ́n á máa kó o lọ fún ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni kí ẹ máa kó o wá, tọ́ọ̀nù 5 nígbà kọ̀ọ̀kan, kó má tíì ju ọjọ́ kan lọ tí a wú u. Ẹ fi ẹni kan sọ́dọ̀ wa tí yóò máa dúró ti ìwọ̀n, tí yóò sì máa kọ iye rẹ̀ sínú ìwé tirẹ̀. Lójú rẹ̀ náà ni a ó ti máa mú 5 kílò, tí a ó wọ̀n ọ́n lórí ilẹ̀, tí a ó tún wọ̀n ọ́n nínú omi, torí èyí tí sítáàṣì rẹ̀ pọ̀ máa ń wúwo nínú omi ju olómi lọ. Ṣùgbọ́n a kò ní yọ kọ́bọ̀ nítorí sítáàṣì ní Oṣù Kẹrin àti Oṣù Karùn-ún. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, sítáàṣì inú ẹ̀gẹ́ ni igi fi ń hu ewé tuntun; ẹ̀bi àgbẹ̀ kọ́.

Owó ọkọ̀ kò sí nínú ₦85,000 yẹn, torí kò sí ẹni tó lè mọ ibi tí owó epo ń lọ nínú yín tàbí nínú wa. ₦8,000 la ó fi bẹ̀rẹ̀ lórí tọ́ọ̀nù kan, àwa la ó sì máa san án. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, a ó jọ wo iye tí wọ́n ń ta bẹntiróò l'Ọ́dẹ̀dá: bí lítà kan bá fi ₦100 lé, owó ọkọ̀ á fi ₦500 lé, bó bá já, á já.

A ó san àsansílẹ̀ ₦1,700,000, owó ẹ̀gẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, lọ́jọ́ tí a bá tọwọ́ bọ̀wé. A ó máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 10 tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí, 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹrù kọ̀ọ̀kan á wọ àpò ẹgbẹ́ lọ́jọ́ tó dé, ìyókù láàárín ọjọ́ 7.

Bí ẹ kò bá kó iye ẹrù tí a fẹnu kò sí wá fún ọ̀sẹ̀ méjì léraléra, tí kì í ṣe nítorí iná oko tàbí ọ̀nà tó dí, ẹgbẹ́ á san ìdajì ohun tí a fi rà á ju ₦85,000 lọ níta. Bí àwa náà bá kọ ẹrù tí ẹ ti wú, tí ẹ̀rọ wa bàjẹ́ tàbí tí gàrí wa kò tà, a ó san gbogbo owó rẹ̀, torí ẹ̀gẹ́ tí a ti wú kò lè dúró ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Bí owó tí wọ́n ń ra ẹ̀gẹ́ ní Ìlúgùn, Ọ̀dẹ̀dá àti Òsíẹ̀lẹ̀ bá kọjá ₦130,000 tàbí kó já sí ìsàlẹ̀ ₦45,000 fún ọ̀sẹ̀ 6 léraléra, ẹ̀yin tàbí àwa lè pè fún ìjókòó. Ohun tí a ó fi kún ₦85,000 tàbí yọ kúrò nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ₦10,000 lọ, kò sì lè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa láyè níbi ìpàdé yín ti Sátidé, 31 Oṣù Kìíní. Èmi àti akọ̀wé owó wa á wá, a ó kó ìwé ìrajà 2024 àti 2025 dání kí ẹ fojú ara yín yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá rí ohun tí kò tẹ́ yín lọ́rùn nínú ₦85,000 tàbí nínú owó ìtanràn, ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ ọ́, kí akọ̀wé yín sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé tí a bá jọ tún ṣe lọ́jọ́ náà la ó tọwọ́ bọ̀ kí Oṣù Kejì tó parí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Fúnmiláyọ̀ Adéṣínà (Ìyá Tóbi),
Olùdarí.