Àkọsílẹ̀ fún akápò: ohun tí ìwé àdéhùn owó omi ilé ẹ̀kọ́ Kwali àti Abaji ní ká ṣe

Sí: Akápò wa
Láti ọ̀dọ̀: Alábòójútó ètò, ọ́fíìsì Gwarinpa, Abuja
Ọjọ́: 9 oṣù Kejì, 2026

Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka ìwé àdéhùn tí ọ̀gá àgbà buwọ́ lù lọ́sẹ̀ tó kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ojú ewé 38 pẹ̀lú àfikún mẹ́ta. Èyí tó kan tábìlì yín nínú rẹ̀ ni mo yọ síbí. Mo kọ nọ́ńbà ẹ̀ka mọ́ ọn kí ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Bí ohun tí mo kọ bá yàtọ̀ sí ti ìwé àdéhùn, ti ìwé àdéhùn ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Gbogbo owó náà jẹ́ 120,000 dọ́là. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2026, ó sì parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 2027. Ohunkóhun tí a bá ná ṣáájú ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, tàbí lórí iṣẹ́ tó wáyé lẹ́yìn ọjọ́ ìparí, àpò ara wa la ó ti san án (ẹ̀ka 2.1). Ìpàdé tí a fẹ́ bá àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ṣe ní Kwali lóṣù yìí wà lára rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ sórí iṣẹ́ yìí.

Ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí owó tó wọlé

Ìgbà mẹ́rin ni àjọ olùfúnni yóò san án (ẹ̀ka 5): 48,000 dọ́là, 42,000, 18,000, lẹ́yìn náà 12,000. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tí wọ́n fi dè é.

Ti àkọ́kọ́ kò le. Wọ́n fẹ́ àkáǹtì dọ́là ọ̀tọ̀ tí ẹni méjì ń buwọ́ lù, ìwé ìpinnu ìgbìmọ̀ wa, ìwé ẹ̀rí SCUML àti ìlànà ọjà rírà wa. A ti ní mẹ́ta. Ìlànà ọjà rírà ló kù díẹ̀ káàtó, nítorí kò sí ojú ewé nípa òṣìṣẹ́ tí ìbátan rẹ̀ ń tajà fún wa nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ka 4.2 dárúkọ ìyẹn gan-an. Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù yìí, ni ìgbìmọ̀ ń jókòó. Tí ẹ bá lè kọ ojú ewé náà ṣáájú, wọn á fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà.

Ti ìkejì ni kí a fara balẹ̀ sí. Wọn kò ní san án àfi tí a bá ti ná ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó àkọ́kọ́, ìyẹn 33,600 dọ́là, tí wọ́n sì ti gba ìjábọ̀ wa wọlé. Ẹ wo ohun tí wọ́n pè ní «ná» ní ẹ̀ka 6.4: owó tó ti kúrò ní àkáǹtì wa, tí iṣẹ́ tàbí ọjà rẹ̀ ti dé ọwọ́ wa, tí ìwé rẹ̀ sì pé. Owó tí a fún òṣìṣẹ́ lọ sí Abaji tí kò tíì ṣe ìṣirò rẹ̀ kò sí nínú ẹ̀. Owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí a bá san fún agbaṣẹ́ṣe kò sí nínú ẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí n fi kànga ẹlẹ́rọ ti Kwali ṣàlàyé. Iṣẹ́ náà jẹ́ 18,000 dọ́là. A ó san ìdá 30, ìyẹn 5,400, kí wọ́n tó kó irin iṣẹ́ wá. Tí wọn kò bá gbẹ́ ẹ tán kí oṣù Karùn-ún tó parí, 5,400 yẹn ti jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú àjọ olùfúnni, a kò tíì ná an. Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ tó bá ju 10,000 dọ́là lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a kéde ní gbangba, ó kéré tán fún ọjọ́ 14 (àfikún 2). Tí ìkéde kò bá jáde ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹta, òjò á ti dé kí agbaṣẹ́ṣe tó dé oko, ẹ sì mọ bí ọ̀nà àwọn abúlé yẹn ṣe máa ń rí. Tí a kò bá bá 33,600 nínú ìjábọ̀ àkọ́kọ́, ìjábọ̀ oṣù Kẹsàn-án ló kàn, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà á sì tún máa pọn omi odò fún oṣù mẹ́ta sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí a jọ kọ ìkéde náà lọ́sẹ̀ yìí.

Ìkẹta ń fẹ́ ìdá 70 àròpọ̀ méjì àkọ́kọ́, ìyẹn 63,000 dọ́là, pẹ̀lú ìbẹ̀wò àárín iṣẹ́ tí àwọn fúnra wọn yóò wá ṣe.

Ìkẹyìn, 12,000, kì í ṣe owó tí a ó gbà ká tó ṣiṣẹ́. Àwa la ó kọ́kọ́ ná an láti àpò wa, wọn yóò sì dá a padà lẹ́yìn tí wọ́n bá gba ìwé aṣàyẹ̀wò owó (ẹ̀ka 5.6). Láti oṣù Kẹfà 2027 títí di ìparí ọdún náà, a ní láti wá owó yẹn níbòmíràn. Mo ti sọ fún ọ̀gá àgbà, ó ní kí ẹ fi í sínú ìṣúná ọdún 2027 láti ìsinsìnyí.

Ọjọ́ ìjábọ̀

Ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni ìjábọ̀ owó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọjọ́ lásán ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ (ẹ̀ka 8.1). Tí ọjọ́ náà bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni, kì í ṣe Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e.

- Oṣù Kẹta sí Karùn-ún 2026: Túsìdeè, 30 oṣù Kẹfà 2026
- Oṣù Kẹfà sí Kẹjọ: Wẹ́sìdeè, 30 oṣù Kẹsàn-án 2026
- Oṣù Kẹsàn-án sí Kọkànlá: Wẹ́sìdeè, 30 oṣù Kejìlá 2026
- Oṣù Kejìlá sí Kejì: Túsìdeè, 30 oṣù Kẹta 2027
- Oṣù Kẹta sí Karùn-ún 2027: Wẹ́sìdeè, 30 oṣù Kẹfà 2027

Méjì ló léwu nínú wọn. Ti oṣù Kejìlá bọ́ sí àárín Kérésì àti ọdún tuntun, nígbà tí ìdajì ọ́fíìsì á ti wọ mọ́tò lọ sílé. Ti oṣù Kẹta 2027 sì jẹ́ ọjọ́ kejì Mọ́ńdè Àjíǹde: láti Jímọ̀ títí di Mọ́ńdè, báńkì kò ní ṣí. Àwọn méjèèjì yìí, ẹ jẹ́ ká ti fi wọ́n ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Mo ti béèrè, wọ́n máa ń gba ìjábọ̀ tó bá tètè dé.

Oṣù Kẹfà sí Kẹjọ 2027 kò ní ìjábọ̀ tirẹ̀. Inú ti àṣekágbá ló wà. Àṣekágbá ní ọgọ́ta ọjọ́, ìyẹn 30 oṣù Kẹwàá 2027, ṣùgbọ́n Sátidé ni, nítorí náà Jímọ̀ 29 ni tiwa. Gbèsè tó bá kù lórí iṣẹ́ tó ti parí, a lè san án títí di 30 oṣù Kẹsàn-án 2027, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé aṣàyẹ̀wò owó ní àádọ́rùn-ún ọjọ́: Mọ́ńdè, 29 oṣù Kọkànlá 2027. Ẹ jẹ́ ká ti bá aṣàyẹ̀wò sọ̀rọ̀ láti oṣù Karùn-ún ọdún náà.

Tí ìjábọ̀ bá pẹ́ ju ọjọ́ 15 lọ, wọ́n lè dá gbogbo owó dúró. Tí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n lè fòpin sí àdéhùn (ẹ̀ka 12).

Ohun tí a lè ná an lé

Àfikún 1 pín owó náà báyìí: owó oṣù 42,000 dọ́là, kànga àti irin iṣẹ́ 40,800, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìrìnàjò 18,000, ìṣàkóso ọ́fíìsì 9,000, ìbẹ̀wò iṣẹ́ 6,000, aṣàyẹ̀wò owó 4,200.

A lè gbé owó láti ìlà kan sí òmíràn láìgba àṣẹ, bí kò bá ti ju ìdá 10 ìlà tó ń gbà á lọ. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ gbé kọ́bọ̀ wọ ìlà owó oṣù tàbí ti ìṣàkóso láìjẹ́ pé wọ́n kọ̀wé gbà wá láyè. Ọ̀rọ̀ ẹnu lórí fóònù kò tó. Ímeèlì tó.

Lórí owó oṣù, ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì. Ìdá 10 tí agbanisíṣẹ́ ń san lábẹ́ Òfin Ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 wọlé sínú ohun tí wọ́n ń san, ìdá 1 NSITF náà wọlé. Ìdá 8 ti òṣìṣẹ́ ti wà nínú owó oṣù rẹ̀. Tí ẹ bá tún kọ ọ́ lọ́tọ̀, a ti gbà á lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Owó orí òṣìṣẹ́ ní láti dé ọ̀dọ̀ FCT-IRS kí ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá, torí owó ìtanràn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń san. VAT ìdá 7.5 orí ọjà wọlé, bí a kò bá lè gbà á padà lọ́wọ́ ìjọba.

Ohun tí wọn kò ní san láé (ẹ̀ka 9.5): ìtanràn, èlé orí gbèsè, gbèsè àtijọ́, ọtí, àríyá, ẹ̀bùn fún òṣìṣẹ́ ìjọba, ilẹ̀, ọkọ̀, àti ohunkóhun tó jẹ mọ́ òṣèlú. Àwọn ìjòyè abúlé lè retí kólà nígbà tí a bá lọ kí wọn. Ẹ̀tọ́ ni, mo sì fẹ́ kí a máa ṣe é, ṣùgbọ́n láti inú owó ọmọ ẹgbẹ́ wa ni.

Dọ́là, náírà àti ìwé ẹ̀rí

Kì í ṣe iye tí dọ́là jẹ́ lọ́jọ́ ìjábọ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Iye tí báńkì fi ṣẹ́ ẹ fún wa gan-an ni, ní ìpíndọ́gba (ẹ̀ka 7.3). Bí àpẹẹrẹ, tí a bá ṣẹ́ 10,000 dọ́là ní 1,450 náírà, tí a tún ṣẹ́ 10,000 ní 1,400, mílíọ̀nù 28.5 náírà ló wọlé, ìpíndọ́gba sì jẹ́ 1,425. Owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ 2,850,000 náírà á wá di 2,000 dọ́là nínú ìjábọ̀. Ẹ tọ́jú ìwé báńkì fún gbogbo ṣíṣẹ́. Èlé tí àkáǹtì bá pa, tiwọn ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọjà tó bá ju 500 dọ́là lọ nílò iye owó láti ọ̀dọ̀ ontajà mẹ́ta. Ìsanwó tó bá ju 50,000 náírà lọ gbọ́dọ̀ gba báńkì kọjá. Ọlọ́kadà kò ní ríṣíìtì, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀: tí kò bá ti ju 10,000 náírà lọ, kí òṣìṣẹ́ kọ ibi tó lọ, ọjọ́, iye àti ìdí, kí ọ̀gá rẹ̀ buwọ́ lù ú, ó ti tó. Gbogbo ìwé náà ni a ó tọ́jú fún ọdún méje lẹ́yìn ìsanwó ìkẹyìn.

Ohun kan ṣoṣo ni kò yé mi. Ẹ̀ka 9.2 ní epo tí iṣẹ́ ń lò wọlé, àfikún 1 sì fi epo sábẹ́ ìṣàkóso ọ́fíìsì. Mo ti fi ímeèlì béèrè lọ́wọ́ wọn láàárọ̀ yìí bóyá epo jẹnẹrétọ̀ wa lè wà níbi méjèèjì. Títí èsì yóò fi dé, abẹ́ ìṣàkóso ni kí ẹ máa kọ gbogbo rẹ̀ sí.