Ìpàdé ọ̀la: ẹ̀bẹ̀ kí a sún un sí Ìṣẹ́gun, 21 oṣù Kẹwàá

Ìṣẹ́gun, 14 oṣù Kẹwàá, 2025
Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin Alága wa, mà,

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, mà. Ẹ kú iṣẹ́ òní, ẹ sì kú ìmúrasílẹ̀ ìpàdé ọ̀la lórí ilé ìkẹ́rùsí yín tí a fẹ́ kọ́. Ìpàdé náà gan-an ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a sún un kúrò ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọ̀la sí aago mẹ́wàá àárọ̀ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, 21 oṣù yìí, ní ọ́fíìsì yín níbẹ̀ náà. Bí ọjọ́ yẹn kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, èmi àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti fi ọ̀sán Ọjọ́rú, 22, sílẹ̀ fún yín láti aago méjì lọ.

Mo pè yín lórí fóònù lẹ́yìn aago mẹ́ta. Akọ̀wé yín ní ẹ wà nípàdé títí di aago márùn-ún. Mi ò rán an ní iṣẹ́ kankan ju pé mo pè lọ, torí irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu mi ló yẹ kí ẹ ti gbọ́ ọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹ rántí pé ihò márùn-ún la ní a máa gbẹ́ láti fi yẹ ilẹ̀ wò. Mẹ́rin ti parí láti oṣù tó kọjá, àwọn la sì gbé àwòrán ìpìlẹ̀ tó wà lọ́wọ́ yín kà. Ìkarùn-ún, ní igun àríwá níbi tí yàrá òtútù ńlá máa wà, kò ṣeé gbẹ́ nígbà yẹn nítorí ògbólógbòó ilé tó wà lórí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n wó ilé náà tán tí a fi ráyè gbẹ́ ihò náà. Èsì rẹ̀ dé láti yàrá àyẹ̀wò lónìí, ní aago kan ọ̀sán. Yanrìn tó le dáadáa ni ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àkọ́kọ́ bá pàdé. Èyí bá amọ̀ rírọ̀ pàdé, láti mítà mẹ́ta títí dé nǹkan bíi mítà márùn-ún nísàlẹ̀.

Ẹ má bínú tí mo bá ṣàlàyé díẹ̀ lórí èyí, nítorí òun ni gbogbo ìdí. Tí ẹrù bá gun amọ̀ rírọ̀, kì í rì lójú ẹsẹ̀. Omi inú rẹ̀ ló máa ń fún jáde díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ilẹ̀ á sì máa lọ sílẹ̀ láìpariwo. Tí gbogbo ilé bá jọ lọ sílẹ̀ lọ́gbọọgba, wàhálà ibẹ̀ kéré. Àmọ́ tí igun kan bá ń rì tí mẹ́ta dúró, ògiri á sán. Tiyín tún wá jẹ́ yàrá òtútù: ibi tí àwọn pánẹ́ẹ̀lì tó ń sé òtútù mọ́ ti kan ara wọn á là, afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin á máa gba ibẹ̀ wọlé, á di yìnyín sára ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì máa jẹ iná ju bó ṣe yẹ lọ. Igun tí ẹrù rẹ̀ wúwo jù nínú gbogbo ilé náà ni amọ̀ yìí sì wà.

Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí a ṣì pàdé lọ́la, kí a jíròrò ìyókù. Ṣùgbọ́n nínú nǹkan mẹ́rin tí a kọ sílẹ̀ fún ìpàdé náà, mẹ́ta ló dúró lórí ìpìlẹ̀: ìfọwọ́sí àwòrán, iye irin tí a máa rà, àti owó àkọ́kọ́ tí agbaṣẹ́ṣe máa gbà. Ìkẹrin, àwọ̀ òrùlé, kò tó ohun tí a ń torí ẹ̀ kó àwọn ìgbìmọ̀ yín jọ. Èmi ni mo máa jókòó níwájú yín tí mo máa ní kí ẹ buwọ́ lu ohun tí mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí mọ́. Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín, mà.

Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Ní aago méje àárọ̀ ọ̀la, a máa fi irin ṣóńṣó tẹ ilẹ̀ igun náà wò ní ojú ibi méjì sí i. Ọjọ́ kan náà ni irú àyẹ̀wò yẹn ń fún wa ní èsì, òun ló sì máa jẹ́ kí a mọ̀ bóyá àpò amọ̀ kékeré kan ni tàbí ó tẹ́ lọ. A máa ṣe ìṣirò rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì. Àwòrán tuntun máa dé ọwọ́ yín ní Mọ́ńdè, 20, kó tó di aago méjìlá ọ̀sán, kí ẹ lè kà á tán kí a tó pàdé.

Ní ti owó, mi ò ní sọ iye kankan lónìí, torí àbá lásán ni ì bá jẹ́. Bí amọ̀ náà bá kéré, a lè kó o kúrò kí a fi òkúta tí a tẹ̀ le dípò rẹ̀. Bí ó bá tẹ́ lọ, òpó ìpìlẹ̀ tó gùn dé yanrìn líle ni a máa lò lábẹ́ yàrá náà nìkan. Iye owó ọ̀nà méjèèjì máa wà nínú ohun tí mo máa fi ránṣẹ́ ní Mọ́ńdè. Ọjọ́ tí a máa bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀, 3 oṣù Kọkànlá, ṣì dúró bí ẹ bá lè fọwọ́ sí i títí di Ọjọ́rú, 22.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ọ̀gá tó ń bọ̀ láti bánkì. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ òfuurufú alẹ́ òní ni wọ́n máa wọ̀. Bí wọn ò bá tíì gbéra, ohun yòówù tí ìyípadà tíkẹ́ẹ̀tì bá ná wọn, àwa la máa san án. Bí wọ́n bá ti gbéra, mo ṣe tán láti lọ bá wọn níbi tí wọ́n bá dé sí lọ́la, lẹ́yìn aago mọ́kànlá tí mo bá kúrò lórí ilẹ̀, kí n fi èsì náà hàn wọ́n, kí wọ́n lè rí nǹkan mú padà.

Ẹ dákun, mà, mo mọ̀ pé ẹ ti ti ohun púpọ̀ sẹ́yìn nítorí ọ̀la. Mo máa tún pè yín ní aago márùn-ún ààbọ̀. Bí ẹ kò bá ráyè gbé e, kí ẹ kàn fi "Ìṣẹ́gun" tàbí "Ọjọ́rú" ránṣẹ́ sí mi, ó ti tó. Èmi àti akọ̀wé yín á ṣe ìyókù, títí kan pípe àwọn ìgbìmọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olórí Ẹnjiníà, iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí yín

Mo tún fẹ́ fi èyí kún un: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí agbaṣẹ́ṣe fi ojú ìwé 4 sí 6 nínú àwòrán tó wà lọ́wọ́ yín ṣírò owó irin. Àwọn ojú ìwé yẹn nìkan ló máa yí padà. Ìyókù ṣì wà bó ṣe wà.