Ìwé Ìbéèrè fún Iṣẹ́ Olùkọ́ Ìṣirò ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama

Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Keje, ọdún 2025

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-Ẹ̀kọ́,

Ọ̀gá tí mo bọ̀wọ̀ fún,

ÌBÉÈRÈ FÚN IṢẸ́ OLÙKỌ́ ÌṢIRÒ

Mo ń fi ìwé yìí béèrè fún iṣẹ́ olùkọ́ Ìṣirò tí ẹ kéde pé àyè rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ yín láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó ń bọ̀. Oṣù tó kọjá ni mo parí ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin lórí Ìṣirò àti iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, mo sì ti gba ìwé ẹ̀rí mi. Ẹ̀dà rẹ̀ wà pẹ̀lú ìwé yìí.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín: ọ̀sẹ̀ 12 péré ni mo tíì lò nínú kíláàsì gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, àsìkò ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ̀yìn kíláàsì ni mo jókòó sí tí mò ń wo bí olùkọ́ tó ni kíláàsì ṣe ń ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá yòókù, èmi fúnra mi ni mò ń kọ́ kíláàsì méjì, tí mò ń kọ ètò ẹ̀kọ́, tí mò ń fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá, tí mo sì ń máàkì rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ 38 ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́, nítorí ó fi irú olùkọ́ tí mo fẹ́ jẹ́ hàn ju máàkì inú ìwé ẹ̀rí mi lọ. Mo kọ (a + b)² = a² + 2ab + b² sára pátákó, mo ṣe àpẹẹrẹ mẹ́ta, mo bi wọ́n bóyá ó yé wọn, gbogbo wọn sì dáhùn pé ó yé àwọn. Nígbà tí mo máàkì ìwé wọn lálẹ́ ọjọ́ náà, 21 nínú wọn ló kọ a² + b². Inú kọ́kọ́ bí mi, kí n tó rí i pé èmi ni mo jẹ̀bi: òfin ni mo fún wọn, n kò sọ ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí wọ́n fi 3 rọ́pò a, kí wọ́n fi 4 rọ́pò b. Àwọn kan rí 49, àwọn kan rí 25, àríyànjiyàn sì bẹ́ sílẹ̀, títí ọmọbìnrin kan fi sọ láti ẹ̀yìn pé méjèèjì kò lè tọ̀nà. Mo wá ní kí wọ́n ya àwòrán onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 7, kí wọ́n pín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí 3 àti 4. Wọ́n rí 9, wọ́n rí 16, wọ́n sì rí 12 méjì tí wọ́n ti ń gbàgbé síta látàárọ̀. Nínú iṣẹ́ àṣetiléwá ọjọ́ náà, ẹni mẹ́rin ló kù tó ṣì í. Mo jókòó ti àwọn yẹn lásìkò ìsinmi.

Ẹ̀kọ́ kan tó yọrí sí rere kò sọ mí di àgbà nínú iṣẹ́ yìí. Alábòójútó mi kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ pé mo máa ń sọ̀rọ̀ jù, pé aago sì máa ń lù mọ́ mi lẹ́nu. Òótọ́ ni. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ iye ìṣẹ́jú sí ẹ̀gbẹ́ ìpín kọ̀ọ̀kan nínú ètò ẹ̀kọ́ mi, tí mo sì ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún tó gbẹ̀yìn sílẹ̀ fún ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọn yóò dáhùn sórí ìwé kí wọ́n tó jáde.

N kò tíì múra akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣekágbá rí, n kò sì tíì jẹ́ olùkọ́ kíláàsì tó ń bá àwọn òbí sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá gbà mí, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ kọ́kọ́ fún mi ní àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí n máa jókòó sínú kíláàsì olùkọ́ Ìṣirò tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Mo tún lè kọ́ àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀ ní Físíìsì bí ẹ bá nílò rẹ̀.

Mo ṣe tán láti wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ́jọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, tàbí kí n kọ́ kíláàsì kan lójú yín lórí àkọ́lé tí ẹ bá yàn. Àkọsílẹ̀ ìtàn ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ mi, tí nọ́ńbà fóònù mi wà lórí rẹ̀, wà pẹ̀lú ìwé yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni ìròyìn alábòójútó mi, láìyọ ibi tó ti bá mi wí kúrò.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ ka ìwé mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

T. A. Adéoyè