Ọ̀rọ̀ tó ṣìnà wọ gúrúùpù onílé

Sátidé, aago 7:22 àárọ̀, sí gúrúùpù onílé

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá, ẹnikẹ́ni má san kọ́bọ̀ sí akáǹtì tí mo fi síbí láàárọ̀ yìí o. Kì í ṣe owó tiransifọ́mà. Gúrúùpù ni mo ṣì. Mo ti ń pa á rẹ́. Mò ń bọ̀ wá ṣàlàyé.


Sátidé, aago 7:29 àárọ̀, sí Bàbá Alága nìkan

Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ ti kúrò lójú gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n fọ́tò ìwé tí mo fi tẹ̀ lé e ṣì wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, Delete for me ni mo tẹ̀ dípò Delete for everyone. Undo yọ sí mi nísàlẹ̀ pé bí mo bá fẹ́ kí n dá a padà, àmọ́ kí n tó rí awò ojú mi, ó ti lọ. Ní báyìí, èmi nìkan ni mi ò rí fọ́tò náà mọ́, gbogbo yín ṣì ń rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ádímìn lè bá mi yọ ọ́. Ẹ tẹ ìka mọ́ fọ́tò náà, ẹ má tètè gbé e kúrò títí yóò fi yí àwọ̀. Ẹ tẹ àmì garawa ìdalẹ̀nù tó bá jáde, ẹ wá yan Delete for everyone. Ẹ fojú sí i dáadáa sà, kí tiyín má lọ dà bíi tèmi. Yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ádímìn ló pa á rẹ́. Màá sọ fún wọn pé èmi ni mo bẹ̀ yín.


Sátidé, aago 7:58 àárọ̀, sí gúrúùpù onílé

Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Bàbá Alága, ẹ ṣé, fọ́tò ti kúrò. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Alága ń fìyà jẹ akọ̀wé o, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Àwa ọmọ ìyá kan náà ní gúrúùpù tiwa, ibẹ̀ la ti ń ṣètò ayẹyẹ Màmá wa tó máa pé ọmọ 70 ọdún lóṣù tó ń bọ̀. Gúrúùpù yẹn àti èyí ló wà lókè pátápátá lórí Wasáàpù mi, ọ̀kan lé èkejì. Ní aago 6:48 láàárọ̀, mò ń fi ọwọ́ kan ro ògì, mò ń fi èkejì tẹ fóònù. Mi ò wo orúkọ tó wà lókè.

Owó aṣọ ẹbí ni, àdìrẹ ẹlẹ́kọ láti Ìtòkú, yáàdì márùn-ún ní ₦18,000. Ó wá bọ́ sí i pé ₦18,000 náà la dá lé ilé kọ̀ọ̀kan lórí tiransifọ́mà lálẹ́ àná. Mi ò lè bínú sí ẹni tó sanwó, ṣebí èmi akọ̀wé náà ni mo kọ iye yẹn síbí. Akáǹtì àbúrò mi obìnrin ni ẹ rí. Akáǹtì ẹgbẹ́ ò yí padà, èyí tí akápò fi síbí lálẹ́ àná náà ni.

Mọ́mì Oníbúrẹ́dì àti Bàbá Káfíńtà ti san ₦18,000 kọ̀ọ̀kan kí n tó fura. Àbúrò mi ti rí àlẹ́ẹ̀tì méjèèjì, yóò dá a padà kó tó di ọ̀sán. Bí ẹlòmíràn bá wà, ẹ fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí èmi nìkan.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ka ọ̀rọ̀ tí mo kọ. Ìṣẹ́jú 34 ló lò níbí, ìyẹn sì tó fún gbogbo àdúgbò. Fọ́tò náà lè ti wọ ibi tí fóònù yín ń kó àwòrán sí, ẹ bá mi wò ó, kí ẹ yọ ọ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá sì ti fi ránṣẹ́ síbòmíràn, ọwọ́ mi ò dé ibẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ lè bá mi pa á rẹ́. Mọ́mì Oníbúrẹ́dì, ọ̀rọ̀ mi ṣì hàn lókè èsì tí ẹ fún mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ èsì náà pẹ̀lú.

Ti ìlà tí mo kọ nípa "ẹni tó ní ilé méjì": ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń bá wí, ọmọ ìyá mi. Kì í ṣe onílé kankan níbí.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá Màmá mi pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì l'Aké, ẹ bò mí láṣìírí. Wọn ò tíì mọ̀ pé à ń ṣètò nǹkan kan. Ẹ má kí wọn kú oríire lọ́la o!

Ẹ má bínú.
Ìyá Ìbejì, akọ̀wé


Sátidé, aago 8:20 àárọ̀, sí Dádì ilé alájà méjì

Dádì, ẹ káàárọ̀ sà. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo gbọ́ vóìsì yín tán, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Ẹ ní ta ló tún ní ilé méjì ládùúgbò yìí bí kò ṣe ẹ̀yin. Òótọ́ ni sà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà ní méjì, ọ̀kan l'Ékòó, ọ̀kan n'Íbàdàn. Àwọn ni mo sọ pé à ń dúró dè bí ẹni ń dúró de rélùwéè ní Láfẹ́nwá.

Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ san owó géètì lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo já rìsíìtì rẹ̀ fún yín. Ẹnu wo ni màá wá fi pe irú bàbá bẹ́ẹ̀ ní ahun? Màá yà sọ́dọ̀ yín nírọ̀lẹ́ òní, kí n fojú kojú bẹ̀ yín.


Sátidé, aago 8:41 àárọ̀, sí gúrúùpù àwọn ọmọ ìyá

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ìwé owó aṣọ tí ẹ ń retí, gúrúùpù onílé ni mo sọ ọ́ sí. Mo ti pa á rẹ́, òun ni mo tún fi síbí yìí.

Àbúrò mi, jọ̀ọ́, ₦18,000 méjì tó wọlé láàárọ̀ yìí, tètè dá a padà fún àwọn tó ni ín, má jẹ́ kó di ọ̀sán.

Bọ̀dá mi, mo kọ ohun kan nípa yín tí mi ò ní tún kọ. Bàbá kan níbí ti gba ọ̀rọ̀ náà sí ara wọn, inú wọn ò dùn rárá. Ẹ dákun, ẹ san owó aṣọ yín.


Sátidé, aago 12:16 ọ̀sán, sí gúrúùpù onílé

Owó ti padà. Mọ́mì Oníbúrẹ́dì àti Bàbá Káfíńtà ti fèsì pé ó wọlé, ẹ ṣé tí ẹ fara balẹ̀ fún wa.

Ẹ̀yin mẹ́ta tí ẹ ní ẹ fẹ́ ra nínú àdìrẹ náà, mo rí ọ̀rọ̀ yín. Màá pè yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò tún fẹ́ kọ iye owó kankan síbí lónìí mọ́.