Ìwé Ìtọrọ Ìṣẹ́jú 20 fún Ìdárayá Ọ̀sán àti Yàrá Tí A Ó Ti Máa Na Ara

Ẹ̀ka Akáńtì,
Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Kejì,
Òkèsà, Adó-Èkìtì.
Ọjọ́bọ̀, 18 Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Sí Máníjà Àgbà,
Nípasẹ̀ Olórí Ẹ̀ka Akáńtì.

Ọ̀gá wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ sì kú àjò Èkó tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti dé; a dúpẹ́ pé ẹ lọ rere, ẹ bọ̀ rere.

Ohun méjì ni mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín. Èkíní ni ìṣẹ́jú 20 nínú wákàtí ìsinmi ọ̀sán wa, tí ẹnikẹ́ni ò ní fi iṣẹ́ pè wá, kí àwa tó bá wù lè fi na ara. Èkejì ni yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, níbi tí fáìlì àtijọ́ wà, kí a rí ibi tí a ó ti máa ṣe é.

Ìwé tí a fi gbà wá síṣẹ́ sọ pé agogo 1 sí agogo 2 ni ìsinmi ọ̀sán, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí lókè wa níbí. Ọwọ́ kan ni a fi ń jẹun, èkejì wà lórí kọ̀ǹpútà. Oníbàárà á wọlé, fóònù á dún, agogo 2 á lù, a ò tíì dìde lórí àga. Ẹnikẹ́ni ò fi tipá mú wa, sà. Ó kàn ti di bí a ṣe ń ṣe é ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù Kẹfà, nígbà tí a ń múra de àwọn ọ́dítọ̀, mo jókòó láti agogo 8 àárọ̀ títí di nǹkan bí agogo 4 ìrọ̀lẹ́. Ilé ìtọ̀ nìkan ni mo lọ láàárín, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí mo ṣe ní kí n dìde lọ mú fáìlì, ẹ̀yìn mi gan pa. Mi ò lè nàró, mi ò sì lè padà jókòó. Àwọn méjì ló dì mí mú lápá sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn, Màrúwá ni wọ́n fi gbé mi délé. Ọjọ́ 3 ni mi ò fi lè wá, ẹ sì mọ̀ pé ìwé ìṣirò ìdajì ọdún tí ẹ ń retí pẹ́ ọjọ́ 2 nítorí rẹ̀. Ó dùn mí púpọ̀, torí láti ọdún 11 tí mo ti wà níbí, ìwé mi kì í pẹ́.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn mi, wọn ò rí egungun kankan tó yẹ̀. Obìnrin tó ń tọ́jú iṣan àti egungun níbẹ̀ bi mí pé iṣẹ́ kí ni mò ń ṣe. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní kí n jókòó bí mo ṣe máa ń jókòó nídìí kọ̀ǹpútà. Mo jókòó. Ó fọwọ́ kan ọrùn mi tó yọ síwájú, ó fọwọ́ kan èjìká mi tó ká wọlé, ó wá gbé ọwọ́ lé ibi tí itan mi ti pàdé ìbàdí, ó ní, "Ibí ni wàhálà ẹ̀yìn yín ti ń bẹ̀rẹ̀." Ó ṣàlàyé pé iṣan iwájú ìbàdí máa ń wà ní kíká ní gbogbo ìgbà tí èèyàn bá jókòó. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, á le. Bí ẹni náà bá wá dìde, iṣan tó ti le yìí á máa fa ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, àti iṣan ìdí tó yẹ kó gbé e ró á sì ti dẹ̀. Ó ní oògùn ìrora á mú kó rọ̀ mí lọ́rùn, ṣùgbọ́n bí mo bá padà lọ jókòó bíi ti tẹ́lẹ̀, a ó tún pàdé.

Ó kọ́ mi ní àwọn ìdárayá kan tí kò le rárá. Èèyàn á tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́ ògiri, á fa ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, gìgísẹ̀ á wà nílẹ̀, títí á fi mọ̀ ọ́n lára ní ojúgun ẹ̀yìn. Á fi eékún kan kúnlẹ̀ lórí ẹní, á rọra sún ìbàdí síwájú. Á fẹ̀yìn ti ògiri, á gbé apá sókè díẹ̀díẹ̀. Á yí ọrùn sọ́tùn-ún, á yí i sósì, láìkánjú. Á dìde lórí àga nígbà 10 láìfọwọ́ ti nǹkan kan. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Láti oṣù Keje ni mo ti ń ṣe é láràárọ̀ nílé, ara sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú mi. Ṣùgbọ́n bó bá ti di agogo 3 ọ̀sán, ìrora náà á tún yọjú, nítorí àárọ̀ ni mo na ara, mo sì ti jókòó láti ìgbà náà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọ̀sán ni mò ń tọrọ, sà.

Kì í ṣe èmi nìkan. Bàbá wa tó ń gba owó (wọ́n gbà kí n kọ ọ́) kì í lè wọ bàtà wọn padà bó bá di ìrọ̀lẹ́, torí ẹsẹ̀ wọn á ti wú. Iṣan ojúgun ẹ̀yìn ló ń bá ọkàn ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè nígbà tí a bá ń rìn. Bí a bá jókòó gbagidi, omi á máa sọ̀ sí ẹsẹ̀. Oúnjẹ wa náà wà ńbẹ̀. Iyán là ń jẹ lọ́sàn-án, òun náà la ó sì máa jẹ. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá jẹ iyán tán tó jókòó, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ga ju ti ẹni tó jẹun tó sì rìn díẹ̀ lọ, torí iṣan tó ń ṣiṣẹ́ ń fa ṣúgà náà lò. Èmi tí mò ń yẹ ìwé ìṣirò wò lè sọ ọ́ fún yín: àárín agogo 2 sí agogo 3 ni àṣìṣe wa máa ń pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní ọdún 1953, Dókítà Jẹ́rì Mọ́rìsì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní Lọ́ńdọ̀nù. Inú bọ́ọ̀sì kan náà ni awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́ ti ń ṣiṣẹ́. Àìsàn ọkàn wọ́pọ̀ láàárín àwọn awakọ̀ tó ń jókòó ju àwọn kọ̀ńdọ́ tó ń gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì lọ gba owó. Mo máa ń rántí wọn bí mo bá rí akọ̀wé tó ń gbé ìwé ká ilé, àti èmi tó jókòó dè é. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ ní ọdún 2020 pé kí àgbàlagbà máa ṣe ìdárayá tó mọ níwọ̀n fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀. Nína ara wa yìí kò le tó ìyẹn, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ìyókù, oníkálukú á wá a nílé tirẹ̀.

Ìyá mi wà ní Ìkẹ́rẹ́, wọ́n ti lé ní ẹni 70 ọdún. Oko wọn kò jìnnà sí òkè Ọlọ́súnta, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn ín títí di òní. Bí wọ́n bá ń dìde lórí àpótí, wọn kì í di nǹkan mú. Èmi ọmọ wọn, ọdún 46, ògiri ni mò ń dì mú ní oṣù Keje. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí a ò fi na ara lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wa. A ti gbìyànjú rẹ̀. Àárín tábìlì kò gba ẹni méjì. Mo ti ṣe é lẹ́nu àtẹ̀gùn náà, ṣùgbọ́n oníbàárà ń gòkè, ń sọ̀, obìnrin tó wọ ìró tàbí síkẹ́ẹ̀tì kò lè kúnlẹ̀ na ìbàdí lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Nínú àwa 14 tó wà lókè, obìnrin ni 8. Ibi tó ní ilẹ̀kùn ni a nílò, sà.

Yàrá fáìlì yẹn tó. Mo wọ̀n ọ́n: ẹsẹ̀ bàtà 12 ní 10, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìn, afẹ́fẹ́ ń wọlé. Fáìlì kò ní kúrò níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ògiri kan ni wọ́n tò sí. Fótókọ́pì tó ti bàjẹ́ àti àga 2 tó ṣẹ́ ló gba àárín ilẹ̀, wọ́n ṣeé gbé lọ sí sítọ̀ ìsàlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ mí lóminú: ṣẹ́ẹ̀fù irin tó ru àwọn fáìlì náà ń mì díẹ̀. Kí káfíńtà kàn án mọ́ ògiri kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ ìdárayá níbẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ kí ilé iṣẹ́ náwó sí. A ó dáwó fúnra wa ra ẹní 5. Ẹní Ògòtún lágbára, ó sì rọrùn láti ká sí kọ̀rọ̀. Àwa náà la ó máa gbálẹ̀. A ò nílò jẹnẹrétọ̀, a ò nílò fáànù.

Ẹni 5 ni yàrá náà lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, àwọn àkọ́kọ́ á wọlé ní agogo 1, àwọn kejì ní agogo 1 kọjá ìṣẹ́jú 20, àwọn tó bá kù ní agogo 1 kọjá ìṣẹ́jú 40. Èèyàn á wà nídìí fóònù àti níwájú oníbàárà ní gbogbo ìgbà, agogo 2 kò sì ní lu bá ẹnikẹ́ni nínú yàrá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe kó tó jẹun, ó wà níwájú. Ẹni tó bá ti jẹun yó, kó rọra yí ọgbà ká nígbà méjì mẹ́ta dípò kó kúnlẹ̀. Èèyàn 9 ti sọ pé àwọn á dara pọ̀. Kò pọn dandan fún ẹnikẹ́ni. Mo ti bẹ ẹni tó lóyún nínú wa àtàwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru pé kí wọ́n kọ́kọ́ bi dókítà wọn.

Bí ẹ bá gbà, ẹ jẹ́ ká dán an wò fún ọ̀sẹ̀ 6, láti ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá, títí di ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kọkànlá. Màá máa kọ iye ẹni tó wá lójoojúmọ́ sílẹ̀, màá sì ka àṣìṣe inú ìwé owó wa ní àárín agogo 2 sí agogo 3, kí a fi wé ti oṣù Kẹsàn-án yìí. Ọwọ́ yín ni ìwé náà á wà ní ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kọkànlá. Bí iṣẹ́ bá fara gbá a, ẹ dá a dúró.

Olórí ẹ̀ka wa ti ka ìwé yìí, wọ́n ní kí n mú un wá. Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà lọ́wọ́ bàbá ọlọ́dẹ. Bí ẹ bá fẹ́ wò ó, mo lè tẹ̀ lé yín débẹ̀ ní àárọ̀ èyíkéyìí.

Ẹ ṣeun púpọ̀, sà.

Ọmọṣẹ́ yín,
Fúnmiláyọ̀,
Akọ̀wé Owó.