Ohun Tí Afẹ́fẹ́ Ń Ṣe sí Aṣọ Aró
Fídíò fún ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì, kíláàsì àgbà sẹ́kọ́ńdírì

ÀWÒRÁN 1: Agbo ilé aláró ní Òṣogbo. Ìyá kan fa aṣọ jáde nínú ìkòkò.
OHÙN: Ẹ wo aṣọ yìí. Àwọ̀ ewé ni, kì í ṣe búlúù. Ẹ má tíì sọ pé aró ìyá ti bàjẹ́ o.

ÀWÒRÁN 2: A wọ inú ìkòkò. Mólékù aró rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Bakitéríà ń sáré yí i ká.
OHÙN: Aró tó ti ara ewé èlú wá kì í yòrò nínú omi. Nínú omi eérú, tó jẹ́ alikaláì, bakitéríà ń fún un ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ìgbà náà ló ń yòrò, tó ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, tó sì ń wọ inú òwú. Iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan ni. Ẹni tó bá kánjú yóò rẹ aṣọ lásán.

ÀWÒRÁN 3 (ẹ jẹ́ kó falẹ̀): Aṣọ lórí okùn. Ọ́síjìn dé. Búlúù ń tàn ká.
OHÙN: Ọ́síjìn gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà. Aró kò lè yòrò mọ́, ó ti há sínú òwú.

ÀWÒRÁN 4: Ìbéèrè lójú pátákó. Olùkọ́ dá fídíò dúró.
OHÙN: Kí ló dé tí wọ́n fi ń rẹ aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta?